Ẹsẹ̀ Tó Ń Dáni Dúró Lójú Ọ̀nà

Ìrora kan wà tó máa ń mú àgbàlagbà ní ẹ̀yìn ojúgun, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù lọ, tó jẹ́ pé bí ẹni náà bá jókòó sílé, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àfi tó bá jáde. Yóò rìn dé ìwọ̀n kan, ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á máa fún pọ̀, á máa ro ó, títí tí kò fi ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ojú á máa tì í, á wá máa kí ìyá tó ń ta ọsàn, tàbí kó yọ fóònù jáde bí ẹni tí wọ́n pè. Kò ní pẹ́ tí ìrora náà á fi lọ. Á tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn, kò sì ní jìnnà tí á tún fi mú un.

Nínú ilé wa, orúkọ tí irú ìrora yìí máa ń gbà ni làkúrègbé, tàbí kí wọ́n ní ọjọ́ orí ló dé. Wọ́n á fi òróró ìpara pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n á bu omi gbígbóná sí i, wọ́n á ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè lọ ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan á ṣe yí po, tí ìwọ̀n tí ẹni náà lè rìn á sì máa dín kù.

Àìsàn méjì ló sábà máa ń wà nídìí ìrora tó ń wá pẹ̀lú ìrìn tó sì ń lọ pẹ̀lú ìsinmi, àwọn méjèèjì kò sì bára tan rárá. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀: òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀ ló ti fún. Èkejì jẹ́ ti eegun ẹ̀yìn: ihò gbọọrọ tó wà nínú eegun ẹ̀yìn, tí iṣan ara tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, ló ti há. Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 50 làwọn méjèèjì sábà máa ń mú. Ìtọ́jú ọ̀kan kò wúlò fún èkejì, ewu tó wà nínú wọn kò sì dọ́gba. Èyí ló fà á tí mo fi rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní òbí tó ti dàgbà mọ bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìbéèrè àti ọwọ́ tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn fúnra wọn tó yanjú ọ̀ràn yìí. Ní 1831, Bouley, oníṣègùn ẹran kan ní ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé nípa ẹṣin kan tó máa ń tiro tí wọ́n bá ti lò ó díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dá ṣáṣá padà tó bá sinmi; òpójẹ̀ itan ẹṣin náà ló ti dí. Ní 1858, Charcot, dókítà ní Páríìsì, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ lára èèyàn. Ṣùgbọ́n ó di 1954 kí Verbiest, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Utrecht, ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, tó ṣàlàyé yékéyéké nípa àwọn aláìsàn tí ìdúró àti ìrìn ń fún ní ìrora àti àìlágbára lẹ́sẹ̀, tó sì jẹ́ pé ihò inú eegun ẹ̀yìn wọn ló há. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òpójẹ̀ ṣáájú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rá àti àwọn èròjà líle máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri inú òpójẹ̀. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kó yá, sìgá àti àtọ̀gbẹ ló sì burú jù fún òpójẹ̀ ẹsẹ̀. Páìpù omi tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ nínú ṣì lè ká a fún ẹni tó fẹ́ ṣan ọwọ́. Ọjọ́ tí gbogbo ilé bá ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà la máa ń mọ̀ pé omi kò tó. Bí ọ̀ràn ẹsẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Téèyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ tí ẹran ẹsẹ̀ nílò kò pọ̀, èyí tó ń gba ọ̀nà tóóró náà kọjá á tó o. Tó bá ń rìn, ohun tí ẹran náà nílò á lọ sókè fíìfíì, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè bá a dọ́gba, ẹran náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tó bá dúró, ohun tó ń béèrè á dín kù, ẹ̀jẹ̀ á bá a, ìrora á sì lọ.

Ibi tí òpójẹ̀ náà ti fún ló ń pinnu ibi tí ìrora á ti wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni òpójẹ̀ gígùn tó gba inú itan kọjá, ní òkè orúnkún díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló sì ń jìyà rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òkè lọ́hùn-ún, nínú ikùn, ni òpójẹ̀ ti fún, ìdí àti itan ni ìrora á ti máa wá, ọkùnrin á sì tún lè kíyè sí i pé nǹkan ọkùnrin òun kò le mọ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ni kì í so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú dókítà, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ èkejì. Ẹ sọ ọ́. Ó máa ń jẹ́ kí dókítà mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ti eegun ẹ̀yìn yàtọ̀. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, àwo rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí òmíràn á máa pẹlẹbẹ, á sì máa yọ sẹ́yìn; oríkèé ẹ̀yìn á máa wú; okùn líle tó so eegun pọ̀ láti ẹ̀yìn á máa nípọn sí i. Gbogbo wọn á wá máa fún iṣan ara mọ́ inú ihò kan náà. Ibi tó wọ́pọ̀ jù ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ihò yìí kì í dúró sójú kan. Téèyàn bá dúró ṣánṣán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síwájú díẹ̀, ihò náà á há sí i. Tó bá tẹ̀ síwájú tàbí tó jókòó, ihò náà á là. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kì í ṣe ìrìn gan-an ló ń pa ẹni tó ní irú rẹ̀ lára. Ìdúró ṣánṣán ni. Ìrìn kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí à ń ṣe lórí ìdúró ni.

Ibí yìí ni ìbéèrè tó tóbi jù lọ ti jáde, mo sì fẹ́ kí olùkàwé fi sọ́kàn: nígbà tí ìrora bá mú yín lójú ọ̀nà, tí ẹ wá dúró lórí ìrìn, tí ẹ kò jókòó, tí ẹ kò tẹ̀ba, tí ẹ kò fara ti nǹkan kan, ṣé ó ń lọ?

Tó bá ń lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, òpójẹ̀ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé ìdúró lásán kò ràn án, àfi kẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ fọwọ́ lé orúnkún, eegun ẹ̀yìn ni. Àwọn dókítà òkè òkun máa ń béèrè bóyá aláìsàn lè rìn pẹ́ tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà nínú ilé ìtajà ńlá, torí pé ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọlanke lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ló máa ń sọ òótọ́ jù lójú mi. Màmá tó lè tẹ̀ba gbá gbogbo àgbàlá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìsí ìrora, tí kò sì lè dúró fi orin ìyìn mẹ́ta parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àìsàn rẹ̀ tán. Òpójẹ̀ tó fún kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró níbi tó bá dúró sí láìrìn.

Òkè náà máa ń ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè dáhùn eléyìí láìronú. Gígun òkè jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ẹran ẹsẹ̀, nítorí náà ẹni tí òpójẹ̀ rẹ̀ fún á tètè dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara máa ń tẹ̀ síwájú téèyàn bá ń gun òkè, èyí sì máa ń dẹ ẹ̀yìn lára. Ìsọ̀kalẹ̀ ló máa ń ni í lára, torí pé ara á fà sẹ́yìn. Bákan náà ni bàíkì: ẹni tí ẹ̀yìn ń ṣe lè tẹ̀ ba lórí rẹ̀ kó sì gùn ún lọ jìnnà, ẹran ẹsẹ̀ ẹni tí òpójẹ̀ ń ṣe kò ní gbà fún un.

Ìrora fúnra rẹ̀ kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Ti òpójẹ̀ máa ń dá lórí ẹran ẹsẹ̀, ó sábà máa ń burú ní ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ, ìwọ̀n tí ẹni náà á rìn kó tó mú un kì í sì í yí padà púpọ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Ti ẹ̀yìn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tàbí itan wá sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń kàn, ìmọ̀lára bí i kí ẹsẹ̀ kú, kó máa ṣe yìnrìnyìnrìn, tàbí kí orúnkún fẹ́ yẹ̀, sì máa ń bá a rìn. Lónìí ó lè rìn dé ọjà, lọ́la kó má lè dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ìtàn irú wọn pọ̀, mo sì kó wọn pọ̀ sí ọ̀kan. Ọmọ ọdún 66 ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe, àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ọdún 10. Láti ilé rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí, ìsọ̀ mẹkáníìkì kan wà lágbedeméjì. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún á mú un, á dúró, kò ní jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin á sì ti lọ. Ó ṣàlàyé fún wọn nílé ìwòsàn àkọ́kọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun òun tóun bá rìn. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n rí i pé eegun ti jẹ, wọ́n fún un ní bẹ́líìtì ẹ̀yìn àti oògùn ara ríro. Ó lò ó fún oṣù mélòó kan. Ìsọ̀ mẹkáníìkì kò yí padà.

Dókítà kejì ní kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi kan ẹsẹ̀ náà ṣáájú, torí ẹ̀yìn ọwọ́ máa ń tètè mọ òtútù: ti ọ̀tún tutù ju ti òsì lọ. Irun orí ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já tán, awọ ibẹ̀ ń dán, èékánná ti nípọn. Ó wá fi ìka méjì wá ibi tí òpójẹ̀ ti ń lù. Ibi méjì la máa ń wá a sí lẹ́sẹ̀: ọ̀kan wà lórí ẹsẹ̀, ní ọ̀kánkán àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, èkejì wà lẹ́yìn eegun ọrùn ẹsẹ̀ ní apá inú. Ní ẹsẹ̀ òsì, ó rí méjèèjì. Ní ti ọ̀tún, kò rí ọ̀kankan, bẹ́ẹ̀ ó ń lù dáadáa níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ìyẹn ti sọ pé láàárín itan sí orúnkún ni ẹ̀jẹ̀ ti ń há. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn èèyàn díẹ̀ wà tí ara wọn dá ṣáṣá, tí a kì í rí ti orí ẹsẹ̀ lára wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn eegun ọrùn ẹsẹ̀ la máa ń ka sí jù.

Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá sùn gbalaja, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fún bí ìṣẹ́jú kan. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí á wò, kì í ṣe orí ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún funfun báláú. Nígbà tó ní kó dìde jókòó kó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ó pẹ́ kí àwọ̀ tó padà síbẹ̀, nígbà tó sì padà, ó pọ́n ju ti òsì lọ. Títí di ìgbà yìí, kò tíì lo ẹ̀rọ kankan.

Ẹ̀rọ tó wá lò ni èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dọ́pílà, tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú òpójẹ̀. Wọ́n á wọn ìfúnpá ní apá méjèèjì, wọ́n á mú èyí tó ga jù. Wọ́n á wá dì í mọ́ òkè ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á wọn níbẹ̀ náà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ìfúnpá ọrùn ẹsẹ̀ yẹ kó bá ti apá dọ́gba tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ti apá bàbá yìí jẹ́ 150. Ti ọrùn ẹsẹ̀ òsì jẹ́ 144, ti ọ̀tún jẹ́ 90. Tá a bá fi 150 pín 90, 0.6 ló máa kù sí wa lọ́wọ́. Tó bá ti jẹ́ 0.9 tàbí kó dín sí i, òpójẹ̀ ti fún. Tó bá dín sí 0.4, ẹsẹ̀ ti wà nínú ewu. Ti òsì jẹ́ 0.96, èyí tó ṣì dára.

Ìṣirò yìí ní àléébù méjì tó yẹ ká mọ̀. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè mú kí ògiri òpójẹ̀ le gbagidi débi pé aṣọ ìfúnpá kò ní lè fún un pọ̀. Nọ́ḿbà á wá ga kọjá 1.4, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń wọn dípò ọrùn ẹsẹ̀. Èkejì ni pé ẹlòmíràn wà tí nọ́ḿbà rẹ̀ dára tó bá dùbúlẹ̀, àmọ́ tó máa já wálẹ̀ tí wọ́n bá ní kó rìn tàbí kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìdúró títí tí ìrora fi mú un, kí wọ́n tó tún un wọ̀n.

Báwo wá ni eegun ẹ̀yìn ṣe gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀? Nítorí pé ó rọrùn láti rí àléébù lẹ́yìn àgbàlagbà. Ní 1990, Boden àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn 67 tí ẹ̀yìn kò dùn rí. Lára àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 60 nínú wọn, ó lé ní ìdajì tí àwòrán wọn kò dára, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló sì ní ihò eegun ẹ̀yìn tó há. Kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n! Nítorí náà, tí wọ́n bá ya ẹ̀yìn bàbá ọmọ ọdún 66 kan, tí wọ́n sì rí i pé ó há, ìyẹn nìkan kò tíì sọ pé ibẹ̀ ni ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwòrán wúlò nígbà tí ìtàn aláìsàn àti ọwọ́ dókítà bá ti tọ́ka sí ẹ̀yìn. Kéèyàn ná owó ńlá lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, àṣìṣe ni.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú àṣìṣe yìí kò sí lẹ́sẹ̀ rárá. Òpójẹ̀ tó fún ní itan kì í dá fún. Irú ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ti lè wà nínú àwọn òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn àti èyí tó ń lọ sí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìrora yìí ń mú kò ní pàdánù ẹsẹ̀ wọn. Àrùn ọkàn òjijì àti rọpárọsẹ̀ ló ń pa wọ́n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Oṣù tí bàbá yìí fi ń so bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn jẹ́ oṣù tí kò fi rí oògùn tó ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀ lò, oògùn ara ríro tó sì ń jẹ lójoojúmọ́ ń gbé ìfúnpá rẹ̀ sókè, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí sìgá. Kò sí oògùn tó lè bá a ṣe iṣẹ́ náà tí sìgá bá ṣì wà lẹ́nu. Wọ́n fún un ní asipiríìnì kékeré (àwọn mìíràn á gba kilopidógírẹ́ẹ̀lì) kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì mọ́ ibi tó ti fún, wọ́n fún un ní sítátìn fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tún oògùn ìfúnpá àti ti ṣúgà rẹ̀ ṣe. Gbogbo ìyẹn jẹ́ ti ọkàn àti òpójẹ̀. Ti ìrora gan-an, ìrìn ni oògùn rẹ̀, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ní kó máa rìn títí tí ìrora fi mú un dáadáa, kó dúró títí tó fi lọ, kó tún rìn, kó tún dúró, títí tí á fi pé bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré jù. Ó dára jù tí onímọ̀ fisiotẹrápì bá ń darí rẹ̀. Ìrora yẹn kò ba ẹsẹ̀ jẹ́. Òpójẹ̀ tó fún kò ní ṣí o, àmọ́ ẹran ẹsẹ̀ á kọ́ bí á ṣe lo ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dáadáa, àwọn òpójẹ̀ kéékèèké tó yí ibẹ̀ ká á sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá sí i. Tó bá ṣe é déédéé, ó lè kọjá ìsọ̀ mẹkáníìkì náà. Fífi bàlúù kékeré la òpójẹ̀ tàbí ṣíṣe ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀ wà fún ẹni tí ìrìn kò ràn lọ́wọ́ tó, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ewu.

Ìmọ̀ràn ìrìn yìí kan náà kò bá màmá onígbàálẹ̀ wa mu. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbóná, òpójẹ̀ ibẹ̀ ń lù kìkì, nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 1.1 ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìdárayá tó ń tẹ ẹ̀yìn síwájú, bàíkì tí kò kúrò lójú kan, ọ̀pá ìtilẹ̀ tàbí férémù táyà tó máa jẹ́ kó tẹ̀ síwájú tó bá ń rìn, ìyẹn ló máa ṣe é láǹfààní. Abẹ́rẹ́ sínú ẹ̀yìn lè dín ìrora kù, àmọ́ kì í sábà pẹ́. Àìsàn náà kì í sábà yára burú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wà bákan náà fún ọdún púpọ̀. Tó bá wá di pé kò lè rìn ká ilé mọ́, tí àwòrán sì bá ìtàn rẹ̀ mu, àwọn oníṣẹ́ abẹ lè gé lára eegun tó ń fún iṣan ara náà kúrò, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń jàǹfààní rẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ.

Àwọn ìgbà kan wà tí méjèèjì máa ń wà lára ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé ọjọ́ orí kan náà ló ń kó wọn wá. Àtọ̀gbẹ tún lè pa iṣan ẹsẹ̀ lára débi pé ẹni tí òpójẹ̀ rẹ̀ fún kò ní mọ ìrora mọ́. Níbi tí ọ̀ràn bá ti rú pọ̀ báyìí, òpójẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wádìí dájú, torí ewu tiẹ̀ ló pọ̀ jù.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ú sí ẹsẹ̀ tó tutù tàbí tó ti kú. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó, tí kò sì mọ gbígbóná mọ́, lè bó láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, egbò rẹ̀ sì lè má jinná. Tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí èèyàn lóru, tó jẹ́ pé àfi kó fi ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó rọlẹ̀, tàbí tí egbò tàbí àwọ̀ dúdú bá yọ lẹ́nu ìka ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé tutù, tó funfun, tó sì kú, wákàtí ni wọ́n ń kà fún un, kì í ṣe ọjọ́. Ní ti ẹ̀yìn, tí abẹ́ àti ìdí bá kú, tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, pàjáwìrì nìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dùn yálà ẹ rìn tàbí ẹ jókòó, kì í ṣe ọ̀kankan nínú àìsàn méjèèjì tí mo ń sọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ẹsẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí kó fọwọ́ ra á kí dókítà tó rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú bàbá tàbí màmá yín lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá wọn rìn lójú pópó. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti dúró, ẹ wo bóyá wọ́n jókòó, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó lọ, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe rí i. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn kí dókítà tó béèrè. Tó bá sì fẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n lọ ya ẹ̀yìn láìtíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ibi tí òpójẹ̀ ti ń lù lẹ́yìn eegun ọrùn ẹsẹ̀ ná, kó sì wọn ìfúnpá ibẹ̀.